Ìkíni káàbọ̀ àti àlàyé ètò ìsìn nínú ìwé ìgbéyàwó àbúrò mi: ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà níbí ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Èmi ni wọ́n gbé ìwé ètò ìsìn lé lọ́wọ́ nítorí pé tíṣà ni mí. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ọjọ́ kẹrin rèé.

Ibi tó ti le ni pé ará Mákúdì ni ọkọ, Tífì ni wọ́n. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀hún á tó 40, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn àfi ọkọ fúnra rẹ̀, òun náà kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀ mà" lọ púpọ̀. Yorùbá sì ni ìsìn máa jẹ́, nítorí ìyá wa. Ọdún méjì sẹ́yìn ni bàbá wa kú, àbúrò wọn ló máa mú ìyàwó wọlé.

Ìbéèrè mi kò ju méjì lọ. Kí ni kí n kọ sí ojú ìwé ìkíni káàbọ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé kí n ṣe àlàyé sábẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ètò, àbí kí n kàn to orúkọ wọn bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe? Ohun tí mo kọ fún ìkíni rèé, ẹ má rín mi:

"Inú wa dùn láti kí gbogbo yín káàbọ̀ sí ọjọ́ mánigbàgbé yìí tí ọkàn méjì di ọ̀kan. Wíwá yín túmọ̀ sí ohun púpọ̀ fún wa. Ìrìn àjò ìfẹ́ wa kì bá tí pé láìsí ẹ̀yin. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ sì gbádùn ayẹyẹ náà."

Àlàbí Tẹ̀mídire

Ẹ kú oríire o. Ẹ má gbàgbé láti kọ àkókò, àwọ̀ aṣọ ẹbí àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè bí wọ́n bá sọnù lójú ọ̀nà. Èyí tí a ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi kò ní nọ́ńbà, ìdajì àlejò ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Ẹ tètè pín in, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú.

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Ẹ ṣé o. Ìwé ìpè lẹ ń sọ yẹn, a ti pín in tipẹ́. Èyí tí wọ́n máa mú dání nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń bi yín.

Alàgbà Ìdí-Àpẹ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ran fíkà lọ́wọ́ nínú ìsìn ìgbéyàwó, ohun tí mo sì máa kọ́kọ́ bi yín ni pé: ta ló fún yín ní ètò tí ẹ fẹ́ ṣe àlàyé sí yẹn? Bó bá jẹ́ pé inú ìwé ìgbéyàwó ẹlòmíràn lẹ ti wò ó, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ lọ bá fíkà, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn to ìsìn náà fún yín lórí bébà. Mo rí tọkọtaya kan tó tẹ 300 ìwé tí ìwàásù wà ṣáájú ẹ̀jẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ náà, fíkà gba ẹ̀jẹ́ kí wọ́n tó wàásù. Gbogbo ìjọ ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Fíkà kò ṣẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ni.

Ní ti àlàyé, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe láti kọ́ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ìsìn. Ẹni tó jókòó sí àga kẹjọ lẹ́yìn, tí gèlè ẹni iwájú dí lójú, ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ohun tí ẹni yẹn fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé kí òun dìde ni àbí kí òun jókòó, ṣé òun máa fèsì nǹkan kan, kí ló dé tí gbogbo ibi dákẹ́ báyìí. Bí ìlà kan tàbí méjì bá ti dáhùn èyí, ó tó. Mo máa fi díẹ̀ hàn yín.

Lábẹ́ Ìwọlé Ìyàwó: "Ẹ jẹ́ kí a dìde nígbà tí dùrù bá yí ohùn padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bọ́ sí àárín ọ̀nà láti ya fọ́tò. A ó wà lórí ìdúró títí àlùfáà yóò fi ní kí a jókòó."

Lábẹ́ Ìbéèrè Lọ́wọ́ Ìjọ: "Àlùfáà yóò bèèrè bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan lábẹ́ òfin tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a dákẹ́." Ẹ má fo ìyẹn o. Ojú mi ló ṣe tí ọ̀rẹ́ ọkọ kan kígbe pé "Èmi mọ̀!", tó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Fíkà pa ìwé dé. Wọ́n pe ọkọ, ìyàwó àti aláwàdà wọnú yàrá, ó sì tó ìdajì wákàtí kí wọ́n tó jáde. Àlùfáà kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù fún àlejò yín láti Mákúdì ni ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Òfin ìgbéyàwó ilẹ̀ wa ní kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ṣíṣí, kó jẹ́ láàrin aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán sì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àlùfáà. Àwọn ẹlẹ́rìí yẹn ló máa fọwọ́ síwèé. Ìgbà tó bá dé ibẹ̀ ni ariwo máa ń sọ: ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ rò pé òun ni, àbúrò ìyá ìyàwó náà ti dìde. Ẹ pinnu ẹni tó máa jẹ́ kí ẹ tó lọ tẹ̀wé, kí ẹ kọ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n jókòó, ẹgbẹ́ akọrin máa kọrin, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 15.

Akọrin Ohùn Kẹta

Kí Alàgbà tó parí ọ̀rọ̀ orin. Ẹ má kọ nọ́ńbà orin nìkan o. Nọ́ńbà inú ìwé orin Áńgílíkà kì í ṣe ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi tàbí ti CAC, àlejò kò sì ní gbé ìwé orin wá láti ilé. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ orin síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ẹsẹ tí a máa kọ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹsẹ 6 wà nínú ìwé yín, onídùrù ti mọ̀ pé 4 ni, ó dákẹ́ lẹ́yìn ẹsẹ kẹrin, ìyá ọkọ ń bá tiẹ̀ lọ ní ẹsẹ karùn-ún lóun nìkan. Mo wà níbẹ̀. Ohùn wọn dára ṣá.

Tíṣà Èdè Òkè-Ìtòkú

Ìyá Ìbejì, a jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí náà mi ò ní fi bò. Ìkíni yín, Gẹ̀ẹ́sì tó wé gèlè ni. "Wíwá yín túmọ̀ sí ohun púpọ̀ fún wa": ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò ní ilé yín? Bí ìyá yín bá rí ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn, ohun tí wọ́n máa sọ ni "ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ ṣé tí ẹ yẹ́ wa sí." Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ìrìn àjò ìfẹ́" náà, ẹ jẹ́ kó máa lọ sí ibi tó ń lọ.

Ẹ wò ó, ìgbà wo ni wọ́n máa ka ìkíni yẹn? Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jókòó ni, tí wọ́n ń fi ìwé náà fẹ́ atẹ́gùn sára. Nítorí náà "ẹ kú ìjókòó" bá ibẹ̀ mu dáadáa. "Ẹ kú àbọ̀" kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kí ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ sì tún pàṣẹ fún àgbàlagbà pé "ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀." Ọmọ ọdún 28 ń sọ fún olóyè pé kó fara balẹ̀!

Ìyẹn ló wá gbé ìbéèrè mìíràn dìde: ta ló ń kíni? Bó bá jẹ́ tọkọtaya, kí ẹ kọ́kọ́ dárúkọ àwọn òbí, kí ó wá jọ ẹni tó kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àwọn òbí ló ń kíni, ó rọrùn jù, àgbà ń kí àgbà. Èmi ò fẹ́ràn èyí tó ń dà á pọ̀, tí ìlà kìíní ní "àwọn ọmọ wa", tí ìlà kẹta ní "ìfẹ́ wa".

Kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ 100 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ìwé A5 máa kún, lẹ́tà á kéré, àwọn ìyá àgbà kò ní rí i kà.

Kẹ́hìndé Onígègé

Èmi gbà pé ọmọ ló yẹ kó kíni, àwọn ló ń ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ tẹ gbogbo ẹ̀jẹ́ síbẹ̀, lódindi, ti ọkọ àti ti ìyàwó, kí ìjọ lè máa fojú bá a lọ, kí àwọn ará Mákúdì sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má dárúkọ olóògbé nínú ìwé ìgbéyàwó rárá. Èèwọ̀ ni. Ìwé ayọ̀ ni.

Alàgbà Ìdí-Àpẹ

Kẹ́hìndé, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Ẹni tí kò gbọ́ èdè nílò láti mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ ẹ́ lódindi, ìwé ni gbogbo ìjọ máa tẹjú mọ́ dípò tọkọtaya, ẹlòmíràn á sì máa ka á sókè tẹ̀ lé àlùfáà. Ìyẹn máa ń da ìyàwó láàmú. Fún àwọn tí kò gbọ́, gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì tó: àlùfáà yóò máa pe ẹ̀jẹ́, ọkọ yóò máa tẹ̀ lé e, ìyàwó náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn kò ní fi ara wọn sílẹ̀ nínú ọrọ̀ àti òṣì, nínú àìsàn àti ìlera, títí ikú. Ibi tí ìjọ ti máa fẹnu sí i nìkan ni kí ẹ tẹ lódindi, kí ẹ sì kọ ọ́ ní lẹ́tà tó dúdú.

Ní ti olóògbé, ó wà lọ́wọ́ ilé. Ní ilé tiwa, a kọ "Olóògbé" ṣáájú orúkọ bàbá, a ò sì sọ nǹkan mìíràn.

Kẹ́hìndé Onígègé

Mo ṣì dúró lórí èèwọ̀. Nígbà ìgbéyàwó àǹtí mi, wọ́n kọ ọ́ sí ìkíni. Ìyá ìyàwó ka á kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló gbé wọlé.

Tíṣà Èdè Òkè-Ìtòkú

Kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ ló fa ẹkún o, ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ni. Nínú ìkíni, ojú ìwé kejì ni, gbogbo ènìyàn ló máa kà á kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sí abẹ́ Ìwọlé Ìyàwó, níbi tí ó ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe, pé àbúrò bàbá ló ń mú un wọlé dípò ẹ̀gbọ́n wọn. Àlejò tó ń ṣe kàyéfì pé ta ni ọkùnrin yìí ti rí ìdáhùn, dùrù sì ti ń dún nígbà náà, kò sáyè ẹkún.

Kẹ́hìndé Onígègé

Hmm. Ẹ ṣáà bi ìyá yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Mo rí i pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìwé, kò sí ẹni tó bi atẹ̀wé. Ìyá Ìbejì, ojú ìwé mélòó lẹ ní báyìí?

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Bí mo ṣe ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àti orin mẹ́rin, ó jẹ́ 13 pẹ̀lú èèpo ẹ̀yìn.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Kò sí ìwé olójú ìwé 13. Bébà A4 kan tí a ká sí méjì á fún yín ní ojú ìwé A5 mẹ́rin. Nítorí náà 8, 12 tàbí 16 ni, kò sí àárín. Bí ẹ bá gbé 13 wá, mẹ́ta máa ṣófo, ẹ sì máa san owó 16. Ẹ gé e sí 12. Ẹ̀jẹ́ tí Alàgbà ní kí ẹ yọ yẹn, ó dá mi lójú pé òun ló jẹ ojú ìwé.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé: àmì. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn lẹ́tà oníkọ́lọkọ̀lọ, èyí tó rí bí ẹni fi gègé kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ àti ọ olójú ìsàlẹ̀. Bí ó bá tiẹ̀ ní i, kò ní èyí tó gbé àmì ohùn lórí, nítorí pé kọ̀ǹpútà kò ní ààyè kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹ ni yóò kọ́kọ́ mú, kó tó wá gbé àmì lé e. Lẹ́tà tí wọn kò ṣe fún iṣẹ́ yẹn máa gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí kékeré síbẹ̀, tàbí kó yá lẹ́tà mìíràn tó sanra ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yin á rò pé aṣiṣe àwa atẹ̀wé ni.

Ẹ fi lẹ́tà oníkọ́lọkọ̀lọ ṣe orúkọ ìyàwó àti ọkọ lórí èèpo, tó bá jẹ́ pé orúkọ náà jáde dáadáa. Inú ìwé, ẹ lo Gentium, Charis SIL tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì mọ Yorùbá. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, kí ẹ rí i pé lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé fáìlì tí ẹ kọ wá, tí a ṣí i nínú CorelDRAW lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní Gentium, ó máa fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò rẹ̀ láìbi yín. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan jáde kí ẹ tó san owó tó kù. Ẹ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀: ẹ̀jẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe déédéé, ó ṣeé ṣe kí ìyókù dára.

Akọrin Ohùn Kẹta

Ẹ̀jẹ́! Mo ní ìwé kan nílé tí wọ́n kọ "GBÍGBA Ẹ̀JẸ̀" sí gàgàrà. Bí ti ilé ìwòsàn.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Èmi kọ́ ni mo tẹ ìyẹn o. Ṣùgbọ́n mo ti tẹ "Oko Ìyàwó" rí, ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹbí ọkọ kò rẹ́rìn-ín.

Ṣidikátù Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, yìgì lèmi ń ṣe ní tèmi, ní oṣù tó ń bọ̀. Ṣé àwa náà ń ṣe ìwé? Ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ìsìn kankan tí a fẹ́ kọ, pé ìṣẹ́jú 20 ló máa gbà. Mo ṣì fẹ́ ẹ, torí pé àwọn ará ibi iṣẹ́ mi kì í ṣe Mùsùlùmí.

Alàgbà Ìdí-Àpẹ

Ọmọ mi, ibẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀.

Ìyá Alága Ìjókòó

Ṣidikátù, mo ti jókòó ní yìgì púpọ̀. Ojú ìwé 4 tó yín, bébà kan. Àwọn ará ibi iṣẹ́ yín fẹ́ mọ ohun díẹ̀: pé wọ́n lè ní kí ọkùnrin jókòó lọ́tọ̀ sí obìnrin, pé Lèmọ́ọ̀mù máa ṣe wáàsí díẹ̀, pé alámòójútó yín ló máa fọwọ́ sí i fún yín, àti pé sàdáákì tí wọ́n máa dárúkọ, ti ìyàwó fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe owó tí ẹbí pín. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí máa ń ṣì gbọ́. Wọ́n á ní "ṣé wọ́n ra ìyàwó ni?" Ẹ bi Lèmọ́ọ̀mù yín bóyá wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tẹ iye rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn kan ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìdána yín? Ẹ ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Àwọn ará Mákúdì á nílò àlàyé níbẹ̀ ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ, Krìstẹ́nì ni wọ́n, wọ́n ti rí ìsìn ìgbéyàwó rí.

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Ọjọ́ tó ṣáájú ni ìdána, ní ilé wa. Mo rò pé kí n fi ojú ìwé kan síbẹ̀ nínú ìwé kan náà.

Ìyá Alága Ìjókòó

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì lẹ máa pín ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ìdána ti parí nígbà náà. Bébà kan lọ́tọ̀ ni, ní Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹbí ọkọ nìkan, kí ó tó wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ má fi àkókò kọ̀ọ̀kan sí i, torí pé èmi tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe alága kò ní tẹ̀ lé e. Bí inú àwọn ènìyàn bá dùn sí orin, mo máa dúró níbẹ̀. Bí òjò bá ṣú, mo máa fo nǹkan.

Ohun tí kò gbọdọ̀ máà wà níbẹ̀ ni èyí tó lè bí wọn nínú bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n. Pé a máa dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe àbùkù, eré ni. Pé ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n bàbá ọkọ kò ní dọ̀bálẹ̀. Mo rí bàbá kan tó ti ń tú bàtà torí pé ó rò pé ó kan òun, mo sáré lọ dì í mú. Pé a máa bu ìtanràn lé wọn lórí, ẹ̀rín ni, kí wọ́n ṣáà mú owó kéékèèké dání, 100 àti 200. Pé bí ọmọ wọn bá jókòó sáàárín àwọn òbí ìyàwó tí wọ́n ń gbàdúrà fún un, ó ti di ọmọ ibẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Àti pé ìyàwó máa mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ẹrù, Bíbélì ni ó sábà máa ń jẹ́ fún Krìstẹ́nì, òrùka wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tètè gbé fóònù sókè níbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ya á.

Màámi Pẹ́kámù

Ẹ kú àsìkò yìí láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo kàn fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí ní Ìlú Ọba: ẹ má ṣe àwòkọ "Ìfọwọ́sí Ìwé Ńlá", ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí ti Nàìjíríà. Láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2021, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèsì, kò sí ìwé ńlá yẹn mọ́. Ìwé kan péré ni tọkọtaya àti ẹlẹ́rìí ń fọwọ́ sí, wọ́n á dá a padà sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí á ti jáde. Àǹfààní kan wà nínú rẹ̀: tẹ́lẹ̀, orúkọ bàbá nìkan ló ń wà níbẹ̀, ní báyìí ti ìyá náà ti wà. Nígbà tí ọmọbìnrin mi ṣègbéyàwó, a kọ ìyẹn sínú àlàyé, ìlà kan. Ìyá ọkọ, òyìnbó, wá dì mọ́ mi.

Ibòmíràn tí ẹ kò gbọdọ̀ fò níbí: nínú ìsìn tuntun ti Áńgílíkà ibí, àlùfáà máa ń yíjú sí ìjọ, á bi wọ́n bóyá wọ́n máa ti tọkọtaya lẹ́yìn. Ìjọ á dáhùn. Bí ẹ kò bá tẹ ìdáhùn yẹn sínú ìwé, àwọn ènìyàn tiwa á dákẹ́, torí pé níbi ìgbéyàwó ní ilé, "Àmín" ni a sábà máa ń fi dá àlùfáà lóhùn.

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti lọ bá fíkà. Wọ́n yọ orin kan, wọ́n ní ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn kò bá ìgbéyàwó mu. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ kíkà máa jẹ́ Orin Dáfídì 128 àti Éfésù 5. Àbúrò mi ti fẹ́ Rúùtù 1 tẹ́lẹ̀, "ibi tí ìwọ bá lọ ni èmi ó lọ." Fíkà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá ọkọ ni Rúùtù ń bá sọ̀rọ̀ o, kì í ṣe ọkọ. Inú ìyá ọkọ ì bá dùn ṣá.

Ìkíni tí mo tún kọ rèé. Ìyá wa àti àwọn òbí ọkọ ló ń kíni, mo gba ti Tíṣà:

"Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti Mákúdì bọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọlọ́run ló mú yín dé, òun náà ni yóò sìn yín padà. Àwa òbí àwọn ọmọ méjèèjì dúpẹ́ pé ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá yẹ́ wa sí. Yorùbá ni a ó fi ṣe ìsìn yìí. Lábẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ìlà díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò máa tọ́ yín sọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fóònù yín lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn ìsìn, oúnjẹ ń dúró dè yín ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ ti bá wa yọ̀ lónìí, àwọn ọmọ tiyín náà yóò mú yín ṣe irú èyí."

Ọkọ máa fi ìlà kan ní èdè Tífì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Lábẹ́ Ìwọlé Ìyàwó mo kọ: "Àbúrò bàbá ìyàwó ni yóò mú un wọlé, ní ipò ẹ̀gbọ́n wọn tó ti sùn." Mo ka á fún ìyá wa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí n yọ "tó ti sùn." Mo yọ ọ́.

Ojú ìwé wá di 12 géérégé. Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ bèèrè: Ìdúpẹ́. Bí ẹbí kọ̀ọ̀kan bá jó jáde, ṣé ẹbí ìyàwó ló ń kọ́kọ́ jáde ni tàbí ti ọkọ? Ìyá wa ní ti ìyàwó. Àǹtí mi ní ti ọkọ.

Alàgbà Ìdí-Àpẹ

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ti ìyàwó. Ní ibi tí mo ti sìn tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ló ń jáde pọ̀. Ẹ bi fíkà. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ẹbí ọkọ, ẹ dìde nígbà tí a bá pè yín, ẹ mú ọrẹ yín dání, ẹ jó wá síwájú." Ẹni tí kò rí i rí á rò pé àwọn tó ń jó yẹn kàn ń lọ sílé ni.

Akọrin Ohùn Kẹta

Ẹ má sì kọ ọ̀rọ̀ orin ìdúpẹ́ síbẹ̀. Ibi tí ìlù bá gbé wa lọ là ń lọ.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ìwé mélòó lẹ fẹ́ tẹ̀?

Ìyá Ìbejì Ìbarà

Àlejò 350. Mo fẹ́ tẹ 250, tọkọtaya á máa wo ọ̀kan pọ̀. Fíkà pè mí láàárọ̀ yìí, ẹbí ìyàwó ló ń kọ́kọ́ jáde. Àǹtí mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.